Owó Wọlé, Orúkọ Ò Bá A Wọlé: Ìtàn Ìyá Alépo àti Ọ́dà EP43

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ọlọ́jà ní Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dúró ti ìyá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ọjà. Ajé á wọgbá gbogbo wa. Mo rí i pé àwọn tó ti Ọjà Ọba wá ló gba gbogbo àga iwájú, àwọn ará Ìsìnkàn wà lẹ́yìn bí àlejò. Ẹ súnmọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lára ògiri yìí, lẹ́tà rẹ̀ ò tóbi.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọlọ́jà ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ́dà àti owó. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo ní bí mo bá ń ka ìlànà sí àwọn àgbà létí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun ni wọn yóò sùn. Ìtàn ni mo bá kó wá. Èmi ni mo hun ún pọ̀ o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá Ìyá Alépo kiri ọjà lọ́la. Bí ẹ bá sì gbọ́ ibi tó jọ tiyín, ẹ má bá mi jà.

Ìjà ọjọ́ náà

Epo pupa ni Ìyá Alépo ń tà. Apá Òkìtìpupa ni epo rẹ̀ ti ń wá, inú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ló sì ń tà á sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo mọ̀ pé epo ní àsìkò tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún, ẹyìn máa ń pọ̀, epo á sì rọjú. Bí ó bá di ìparí ọdún, ẹyìn á ti dín, owó epo á ti gòkè. Kí ni oníbàárà tó gbọ́n máa ń ṣe? Á sanwó sílẹ̀ nígbà tó rọjú, á ní, "Ẹ bá mi gbé e pamọ́, mo ń bọ̀ wá kó o."

Ohun tí Ìyá Olóúnjẹ ṣe nìyẹn. Ìdànrè ló ti ń se oúnjẹ tà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó pe Ìyá Alépo lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. ₦36,000 ni kẹ́ẹ̀gì kan nígbà náà, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦216,000. Wọ́n fẹnu kò, ó di oṣù Kẹsàn-án.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Ìyá Olóúnjẹ wọ bọ́ọ̀sì wá sí Àkúrẹ́, ó ní òun wá kó epo òun. Kẹ́ẹ̀gì kan ti di ₦50,000. Ìyá Alépo ṣí ìwé rẹ̀, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí epo ti rin ní gbogbo igun. Ó rí i lóòótọ́: "Olóúnjẹ Ìdànrè, 6." Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti sanwó, ó máa ń fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ni. Kò sí ìlà níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Olóúnjẹ, o ò tíì sanwó epo yìí."

"Ẹ̀yin Ìyá Alépo! Èmi? Mo sanwó! Póòsì ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ!"

"Wò ó, ìwé nìyí. Bí o bá fẹ́ epo, ₦300,000 ni lónìí."

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kì í ṣe ₦216,000 nìkan ló wà nílẹ̀ mọ́. Bí owó náà kò bá jáde, Ìyá Olóúnjẹ yóò san ₦300,000 lé e lórí. Bí ó bá sì jáde, Ìyá Alépo ní láti fún un ní epo ₦300,000 lórí owó tó ti ná láti oṣù Kẹta. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí òun jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ẹ sì mọ̀ pé inú ọjà la wà: kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, aláta ti dé, elélùbọ́ ti dé, ẹni tó kàn wá ra iyọ̀ náà ti dúró. Ẹnìkan ti ń sọ pé, "Àwọn ará Ìdànrè wọ̀nyí." Ẹnìkan ti ń sọ pé, "Owó ti yí Ìyá Alépo lórí." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Aláta tó dàgbà jù lọ láàárín wọn ló là wọ́n. Ó ní, "Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìyá Alépo, ọmọ rẹ ṣáà sọ pé òun ti ń kọ ọ́dà sínú fóònù. Ẹ pè é kó wá."

Kí ló dé tí ìwé kò fi rí owó náà?

Kí ọmọ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé Ìyá Alépo purọ́ ni? Rárá. Ṣé Ìyá Olóúnjẹ purọ́ ni? Òun náà kò purọ́. Báwo ni àwọn méjì tí kò purọ́ ṣe máa ń jà lórí owó kan ṣoṣo?

Ibi tí Ìyá Alépo ti ń mú ìlà tó ń fà sínú ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, á fa ìlà. Bí álẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé, kò sí ìlà. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ni ìwé wa jẹ́ ìwé álẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìwé owó. Álẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe owó. Ẹ tún gbọ́: álẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹlòmíràn ti ní kí báǹkì pa álẹ́ẹ̀tì òun nítorí náírà mẹ́rin tí wọ́n ń yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹlòmíràn, fóònù rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì, ọmọkùnrin tó ń bá a ṣáàjì ti tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ti Ìyá Alépo tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí Ìyá Olóúnjẹ san owó àkọ́kọ́, 14 oṣù Kẹta 2024 ni. Ẹ rántí ọjọ́ náà? Ọjọ́ Thọ́sìdeè yẹn ni àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun kọjá já lẹ́bàá Abidjan, tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi dákú kárí apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí áàpù báǹkì púpọ̀ sì kọ̀ láti ṣí. Owó wọlé lọ́jọ́ náà. Álẹ́ẹ̀tì kò wọlé.

Ẹ wá wo ti orúkọ. Nígbà tí Ìyá Alépo gbà pé álẹ́ẹ̀tì lè má wọlé, ó ní kí wọ́n wá orúkọ Ìyá Olóúnjẹ nínú áàpù báǹkì. Wọ́n wá a títí, kò sí. Kò lè sí! Ìyá Olóúnjẹ kó owó rẹ̀ lọ bá ọmọ onípóòsì ni, ọmọ náà sì fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà ló hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará oko, ẹ wo àkáǹtì yín lálẹ́ òní. Ìdajì orúkọ tó wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n rí. Onípóòsì ni, àbúrò ọkọ ni, ọmọ tó wà ní Èkó ni. Ẹni tó bá ń fi orúkọ wá owó, ẹni tó gbé owó wá ló ń wá, kì í ṣe ẹni tó ni í.

Iye owó náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ₦216,000. Kò sí ₦216,000 kankan nínú oṣù Kẹta. Ìdí rẹ̀ ni pé owó inú àkáǹtì ọmọ onípóòsì kò tó lọ́jọ́ Thọ́sìdeè náà. Ó fi ₦144,000 ránṣẹ́, owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó ní kí màmá padà wá. Ìyá Olóúnjẹ lọ bá onípóòsì mìíràn lọ́jọ́ Sátidé, ó fi ₦72,000 tó kù ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì, orúkọ méjì, iye méjì, kò sì sí èyí tó jọ ₦216,000 nínú wọn. Lórí owó tó bá tó ₦10,000, ìjọba tún máa ń yọ ₦50 lọ́wọ́ ẹni tó gbà á nígbà náà, nítorí náà bí ẹ bá wo iye tó kù nínú àkáǹtì kí ẹ tó gbà á àti lẹ́yìn tí ẹ gbà á, kò ní bára mu. Ẹ rí i pé ojú tí Ìyá Alépo fi ń wá owó yẹn kò lè rí i láéláé, ì bá à wá a di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe

Ọmọ Ìyá Alépo ń kàwé ní FUTA lókè níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta náà ló ṣí ọ́dà tuntun fún ìyá rẹ̀ nínú Google Sheets, lórí fóònù lásán. Kò ra nǹkan kan. Tábìlì méjì péré ló ṣe, ìyẹn sì ni kókó ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí: tábìlì kan fún ọ́dà, tábìlì kejì fún owó. Kò pa wọ́n pọ̀. Inú ìwé ìyá rẹ̀, ọ́dà àti owó wà lórí ìlà kan náà, bí owó kò bá sì bá ìlà náà mu, kò níbi tí yóò jókòó sí.

Nínú tábìlì àkọ́kọ́, tó pè ní Oda, ó kọ nọ́ḿbà ọ́dà, orúkọ ẹni tó fẹ́ ọjà, ohun tó fẹ́, àti iye rẹ̀. Nínú tábìlì kejì, tó pè ní Owo, ó kọ ọjọ́ tí owó wọlé, iye rẹ̀, nọ́ḿbà ọ́dà tí owó náà wà fún, orúkọ tó wá pẹ̀lú rẹ̀, àti nọ́ḿbà gígùn kan tí áàpù ń pè ní Session ID. A ó padà sí ìyẹn. Kò fi álẹ́ẹ̀tì kún tábìlì Owo o. Inú ìwé àkáǹtì tó ń gbà láti inú áàpù báǹkì ló ti ń kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ti lé àwọn tó ń fi ayédèrú álẹ́ẹ̀tì gbé epo lọ, nítorí álẹ́ẹ̀tì irọ́ lè dé orí fóònù, kò lè dé inú ìwé àkáǹtì.

Gbogbo ọ́dà ló ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ti Ìyá Olóúnjẹ ni EP43. Ó ní ìdí tó fi fi lẹ́tà síwájú: bí o bá kọ 0043 sínú irú tábìlì yìí, á gé òdo iwájú dànù, á kù 43, ẹni tó ń san 43 náírà àti ẹni tó ni ọ́dà 43 á wá di ọ̀kan lójú ẹni tó ń kà á. Ọmọ náà sọ fún gbogbo oníbàárà pé, "Màmá, bí ẹ bá ń sanwó, ẹ ní kí onípóòsì kọ EP43 síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí owó."

Ẹ wo ara ògiri. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, àwọn ọmọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Nínú tábìlì Oda, òpó karùn-ún, ìlà kejì, ohun tí ẹ ó kọ nìyí:

```
=SUMIF(Owo!C:C, A2, Owo!B:B)
```

Ohun tó ń sọ ni pé: lọ sínú tábìlì Owo, wá gbogbo ibi tí nọ́ḿbà ọ́dà yìí wà, kó owó wọn jọ. Ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n san án, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Òpó tó tẹ̀ lé e á yọ owó yìí kúrò nínú iye ọjà, á sì fi ohun tó kù hàn. Ẹni tó san díẹ̀ kò di ẹni tí kò san nǹkan kan mọ́.

Owó tí kò ní nọ́ḿbà ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí gan-an. Ọmọ náà kò fi ipá wá olówó fún un. Ó máa ń fi àyè nọ́ḿbà sílẹ̀ ní òfìfo, owó náà á sì wà nínú tábìlì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, bí ẹrù tí dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ sí kọ̀rọ̀ gáréèjì nígbà tí ẹni tó ni í kò tíì dé. "Owó aláìlólúwa" ni òun àti ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ṣé ẹ ó wá bi mí pé, bí ètò yìí ti wà láti oṣù Kẹta, kí ló dé tí ìjà fi ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án? Ìdánwò dé. Ọmọ kọ ọ́dà sínú tábìlì Oda, ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Kẹta ni kò ti ráyè kó ìwé àkáǹtì sínú tábìlì Owo. Ìyá padà sí ìwé rẹ̀ tó mọ́ ọn lára. Oṣù mẹ́fà ni owó náà fi wà ní báǹkì lójú kedere tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe wá a

Ọmọ dé láti ilé ìwé, ó bá èrò. Ó kí gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ fún aláta, ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wọ áàpù báǹkì, ó gba ìwé àkáǹtì oṣù Kẹta sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó tó wọlé láti ọjọ́ 14 sínú tábìlì Owo, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wá Ìyá Olóúnjẹ rárá. Ó kàn ń kọ gbogbo owó. Èyí ló yàtọ̀ sí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wá a: ẹni tó bá ń wá owó kan, ohun tó ti ní lọ́kàn nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń rí.

Nígbà tó dé orí ₦144,000 ti ọjọ́ 14, orúkọ ṣọ́ọ̀bù onípóòsì kan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi ìdí owó, ọmọ onípóòsì ti kọ "epo ep 43". Ó fi àyè sí àárín lẹ́tà àti nọ́ḿbà. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù la fi sílẹ̀ kó máa wá a fúnra rẹ̀, kò ní rí i, nítorí "ep 43" àti "EP43" kì í ṣe ọ̀kan lójú rẹ̀. Ojú ènìyàn ló rí i. Ọmọ náà kọ EP43 sí òpó nọ́ḿbà, ó padà sí tábìlì Oda. Ọ́dà EP43: iye rẹ̀, ₦216,000, ohun tó ti wọlé, ₦144,000, ohun tó kù, ₦72,000.

Ariwo sọ. Ìyá Olóúnjẹ ṣí gèlè, ó tún un wé. Ìyá Alépo kò sọ̀rọ̀.

Ó ku ₦72,000. Ọmọ kọ ìyókù owó oṣù Kẹta tán, ó lọ sí owó aláìlólúwa, ó wá ₦72,000. Kò rí ọ̀kan, méjì ló rí. Ọjọ́ kan náà, Sátidé 16 oṣù Kẹta, ₦72,000 wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀dọ̀ ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí nọ́ḿbà ọ́dà lára ìkankan. Ìyá Olóúnjẹ ní, "Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni tèmi, ẹ mú èyíkéyìí." Àwọn èrò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n mú èyíkéyìí, ṣebí owó kan náà ni.

Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ rò? Ṣé kí ó mú èyíkéyìí?

Ọmọ náà kọ̀. Ó ní, "₦72,000 ni owó kẹ́ẹ̀gì méjì. Ẹnikẹ́ni tó ra kẹ́ẹ̀gì méjì lóṣù náà, iye tó san nìyẹn. Bí mo bá mú ti ẹlòmíràn fún yín, ẹni yẹn á di ajigbèsè lónìí." Ó wá bi Ìyá Olóúnjẹ bóyá ìwé póòsì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wà. Inú pọ́ọ̀sì tó máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ló wà. Ẹ mọ ìwé póòsì: ooru ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń kọ̀wé, kì í lo yíǹkì, nítorí náà ooru náà ló máa ń bà á jẹ́. Ìwé náà ti dúdú ní apá kan, ó ti funfun ní apá kejì. Kò sí orúkọ mọ́, kò sí iye owó mọ́. Ohun tó kù tí wọ́n lè kà ni àwọn nọ́ḿbà díẹ̀ láàárín nọ́ḿbà gígùn kan: 16172508.

Níbí ni Session ID ti wúlò. Owó tó bá kúrò ní báǹkì kan lọ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, nọ́ḿbà 30 ló máa ń tẹ̀ lé e. Mẹ́fà àkọ́kọ́ sọ báǹkì tí ó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá, nọ́ḿbà méjì-méjì. Méjìlá tó kẹ́yìn ni ẹ̀rọ fi ń ya owó kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ọmọ náà tẹ ₦72,000 àkọ́kọ́ nínú áàpù, ó wo méjìlá àárín:

```
240316091144
```

Ìyẹn ni 2024, oṣù 3, ọjọ́ 16, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 11. Ó tẹ èkejì:

```
240316172508
```

Ọjọ́ 16, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 25, ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ó gbé ìwé dúdú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 16172508. Ìyá Olóúnjẹ sì ti sọ láti àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fóònù, pé lẹ́yìn tí òun palẹ̀ oúnjẹ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ lòun lọ. Ọmọ kọ EP43 sí i. Ohun tó kù lórí ọ́dà náà di òdo.

₦72,000 ti àárọ̀ ńkọ́? Ó ṣì wà nílẹ̀ láìlólúwa. Ọmọ wo inú tábìlì Oda fún ẹni tó gba kẹ́ẹ̀gì méjì lóṣù Kẹta tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà: alákàrà kan ní ojú ọ̀nà Ọ̀dà. Àkáǹtì ọmọkùnrin rẹ̀ ló fi sanwó. Láti oṣù Kẹta ni Ìyá Alépo ti ń bá alákàrà náà ṣe ojú méjì, tí kò dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa, tó sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ajigbèsè ni. Alákàrà ò mọ̀. Ó rò pé ojú ń dun Ìyá Alépo ni. Wọ́n pè é, ó ní kí ọmọ òun fi Session ID ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó bára mu.

Ìyá Alépo fún Ìyá Olóúnjẹ ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́jọ́ náà, ní iye oṣù Kẹta, ó sì san owó mọ́tò rẹ̀ padà sí Ìdànrè. Èmi tí mo hun ìtàn yìí, mo rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú yín ń mi orí, ẹ ní kí wọ́n pín àdánù náà sí méjì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gba owó ní oṣù Kẹta?

Ibi tí ètò yìí kò tó

N kò ní tan yín jẹ. Tábìlì méjì kì í ṣe oògùn. Ẹ ti rí i pé bí a kò bá kó ìwé àkáǹtì sínú rẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn dára fún ọ̀pọ̀ nínú wa, tàbí ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ tó lọ kírun.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń kọ Session ID, ẹ kọ́kọ́ fi àmì ' síwájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tábìlì á rò pé iye owó ni, á gé òdo iwájú, á sì pa ohun tó bá kọjá nọ́ḿbà 15 rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú nọ́ḿbà méjìlá tó kẹ́yìn, tí ẹ̀rọ fi ń ya owó kan sọ́tọ̀ sí èkejì, á ti lọ. Ẹ sì máa wo Session ID kí ẹ tó kọ owó tuntun. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti rí ibi tí ìyá kọ owó kan, tí ọmọ tún kọ ọ́, tí oníbàárà wá dà bí ẹni tó san ju iye lọ, tí wọ́n sì fún un ní ìyókù.

Ẹni tó bá sì kọ nọ́ḿbà ọ́dà ẹlẹ́ni sára owó ẹlòmíràn, ètò á gbà á gbọ́. Kò ní bi yín léèrè. Bí oníbàárà bá ní òun ti san, tí tábìlì ní kò tíì san, ẹ má tíì pariwo. Ẹ wo owó aláìlólúwa ná, lẹ́yìn náà ẹ wo ọ́dà tó fi hàn pé wọ́n san jù. Níbi méjèèjì yẹn ni àṣìṣe sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Màmá tó wọ aṣọ òféfèé, mo rí ọwọ́ yín. Ẹ gbé máìkì fún wọn.

Ìbéèrè tí màmá bi ni pé, owó tí wọ́n bá kà sí òun lọ́wọ́ ńkọ́, èyí tí kò dé báǹkì rárá?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, màmá, ẹ ṣé. Kò sí báǹkì tó máa bá wa jẹ́rìí sí ìyẹn. Ohun tí Ìyá Alépo ń ṣe báyìí ni pé ó ra ìwé rìsíìtì oníkábọ́ọ̀nù tí nọ́ḿbà ti wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gba owó lọ́wọ́, á kọ nọ́ḿbà ọ́dà àti iye rẹ̀, á fún oníbàárà ní ewé òkè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì kù sọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́, ọmọ á kọ ọ́ sínú tábìlì Owo bí owó báǹkì, á fi nọ́ḿbà rìsíìtì sí àyè Session ID. Bí ewé kan bá sọnù láàárín, nọ́ḿbà rẹ̀ á fò, wọ́n á mọ̀. Bí ó bá gbàgbé láti já rìsíìtì rárá, màmá, ìyẹn kọjá agbára mi àti ti fóònù.

Àwọn ọmọ mẹ́ta wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun bí a ṣe ń gba ìwé àkáǹtì nínú áàpù báǹkì rẹ̀, kó lọ bá wọn kó tó lọ sílé. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ tẹ nọ́ḿbà àṣírí yín o, ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Ẹ kú ìjókòó.